Ọ̀rọ̀ Tí Gbogbo Ọmọ Mirai Ń Gbé Kiri

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ìkún omi dátà kan ya bo ìkànnì Brian Krebs, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà tó máa ń tú àṣírí àwọn ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń wọlé lé ní gígábíìtì 600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé kọ̀ǹpútà ràbàtà-rabata ló wà nídìí rẹ̀. Rárá o. Kámẹ́rà ara ògiri, àpótí tí fídíò kámẹ́rà ń wọ̀ sí, àti ráúńtà inú ilé àwọn èèyàn ni. Ètò aṣèbi kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ti wọ inú wọn, ó sì ń pàṣẹ fún wọn, àwọn tó ni wọ́n kò sì fura.

Kí oṣù náà tó parí, ẹni tó ń ṣojú àwọn tó kọ Mirai tú kóòdù ìpilẹ̀ rẹ̀ síta fún gbogbo ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Paras Jha, Josiah White àti Dalton Norman, gbà nílé ẹjọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni. Ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́ nílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Ẹnikẹ́ni tó mọ kóòdù díẹ̀ gbé e, ó yí orúkọ rẹ̀ padà, ó tún un ṣe bó ṣe wù ú, ó sì rán an jáde. Ọ̀kan nínú irú àwọn ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ni Daniel Kaye, ará Gẹ̀ẹ́sì, fi kọlu Lonestar, ilé-iṣẹ́ fóònù ní Làìbéríà nítòsí wa níhìn-ín. Ilé ẹjọ́ kan ní London rán an lẹ́wọ̀n oṣù 32 ní oṣù Kìíní ọdún 2019.

Ìbéèrè tó délẹ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì nìyí: bí fáìlì kan bá bọ́ sọ́wọ́ wa láti inú ráúńtà kan, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ọmọ Mirai ni? Ọ̀nà tó yá jù ni ká ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì náà, ká wò ó bóyá ó bá èyí tí a ti ní mu. Àmọ́ báìtì kan péré tó bá yàtọ̀, àmì náà yí padà pátápátá. Òmíràn ni ká wo kóòdù tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Èyí náà já wa kulẹ̀, nítorí àwọn ọ̀daràn náà máa ń ṣe Mirai jáde fún oríṣiríṣi ọpọlọ ẹ̀rọ: ARM, MIPS, x86, PowerPC, SPARC àti àwọn mìíràn. Kóòdù ARM àti kóòdù MIPS kò jọra rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kan náà ni wọ́n ti ṣe wọ́n.

Ohun tí kì í yí padà ni ọ̀rọ̀. Bí ẹni tó kọ ètò bá kọ gbólóhùn kan sínú kóòdù rẹ̀, ìyẹn gbólóhùn tí ètò máa tẹ̀ jáde, orúkọ fáìlì tó máa ṣí, tàbí páásìwọ́ọ̀dù tó máa dánwò, lẹ́tà kan náà ló máa wà nínú fáìlì ARM àti ti MIPS. Orí ọ̀rọ̀ báyìí ni YARA ń ṣiṣẹ́. Víctor Álvarez ló ṣe é, nígbà tó wà ní VirusTotal ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ọ̀fẹ́ sì ni. O máa kọ òfin kan fún un. Nínú òfin náà, o máa to àwọn ọ̀rọ̀ tó ní láti wá, o sì máa sọ májẹ̀mu: mélòó nínú wọn ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó kígbe. YARA kì í jẹ́ kí fáìlì náà ṣiṣẹ́. Ó kàn ń ka báìtì inú rẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká kọ ọ̀kan fún Mirai àkọ́kọ́ àti àwọn tó sún mọ́ ọn. A nílò fáìlì bíi mélòó kan tí a ti mọ̀ dájú pé Mirai ni. Ibi tí wọ́n ti ń pín wọn fún ìwádìí, bíi MalwareBazaar, máa ń dì wọ́n sínú fáìlì tí a fi páásìwọ́ọ̀dù tì, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣí wọn láìmọ̀. Inú ẹ̀rọ tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ń tú wọn. Ẹ má mú gbogbo wọn láti orí ọpọlọ ẹ̀rọ kan náà, ẹ má sì mú gbogbo wọn láti ọjọ́ kan náà. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ti ARM tí ẹnì kan ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni yẹn nìkan ni òfin wa máa mọ̀, kò ní mọ ìdílé náà.

Àṣẹ tó ń jẹ́ `strings` máa ń yọ gbogbo ohun tó jọ ọ̀rọ̀ jáde nínú fáìlì. Àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú fáìlì kan, lẹ́yìn náà ó ń sọ iye fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ yọ:

```
for f in faili/*; do
  strings -n 6 "$f" | sort -u
done | sort | uniq -c | sort -rn
```

Bí fáìlì wa bá jẹ́ 8, gbogbo ìlà tó ní 8 níwájú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn jọ ní. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kó àwọn tó wà lókè pátápátá, wọ́n á dà wọ́n sínú òfin, wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ wo ohun tó máa wà lókè: `/dev/null`, `/bin/sh`, `/proc/net/tcp`, `/dev/watchdog`. Òótọ́ ni pé Mirai ń lò wọ́n. Ó ń ka `/proc/net/tcp` kó lè mọ ètò tó ń lo ojú ọ̀nà kan kó sì pa á, ó sì ń ṣí `/dev/watchdog` kó lè dá aago tó máa ń tún ẹ̀rọ tàn dúró. Ṣùgbọ́n BusyBox, irinṣẹ́ tí kò lẹ́bi kankan tó wà nínú ẹgbàágbèje ráúńtà, ń ka `/proc/net/tcp` pẹ̀lú, ètò tí ilé-iṣẹ́ ráúńtà fúnra rẹ̀ kọ sì lè máa ṣí `/dev/watchdog` lójoojúmọ́. Gbogbo ẹni tó wá sí òde ló wọ bàtà. Aṣọ ẹbí la fi ń mọ ará ilé.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ yọ ohun tí àwọn aláìṣẹ̀ náà ní kúrò. A máa ṣe irú ìṣirò yẹn lórí BusyBox àti lórí àwọn fáìlì inú ráúńtà tó mọ́, a ó sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wà lápá méjèèjì rẹ́. Florian Roth ti ṣe irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ yarGen tó ń fi àkójọ ńlá ọ̀rọ̀ inú ètò rere ṣe irú ìyọkúrò yìí. Ó dára láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ lójú tèmi, kò sí irinṣẹ́ tó lè rọ́pò kí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ ka ìlà tó ṣẹ́ kù. Ohun tó ṣẹ́ kù náà ló ládùn jù.

Lára ohun tó máa ń ṣẹ́ kù nínú Mirai nìwọ̀nyí:

```
NKQVGLKLE
nmnlmevdm"
jvvrdnmmf"
XMNNCPF"
```

Ẹni tó ń kánjú á ní pàǹtírí ni, á sì kọjá. Ẹ dúró díẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́rin ló parí sí àmì kan náà, `"`. Nínú èdè C, èyí tí wọ́n fi kọ Mirai, báìtì òdo ló máa ń parí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Tí ẹnì kan bá fi kọ́kọ́rọ́ kan bo gbólóhùn mọ́lẹ̀ nípasẹ̀ ìṣirò XOR, tó sì bo òdo ìparí mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ náà gan-an ni òdo yẹn máa dà, nítorí pé òdo kì í yí ohun tó bá XOR pàdé padà. Olè ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà àmì `"` jẹ́ 34, èyí tí wọ́n ń kọ ní `0x22`.

Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà kan dán an wò. Lẹ́tà `n` jẹ́ 110. Bí a bá fi 34 ṣe XOR rẹ̀, ó di 76, ìyẹn `L`. Lẹ́tà `m` di `O`. Bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, `nmnlmevdm` di `LOLNOGTFO`, `jvvrdnmmf` di `HTTPFLOOD`, `XMNNCPF` sì di `zollard`. Ti àkọ́kọ́, `NKQVGLKLE`, di `listening`. Ó gé sí ibẹ̀ torí pé àlàfo tó tẹ̀ lé e di báìtì 2 lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà, `strings` kò sì ka báìtì 2 sí lẹ́tà. Bí a bá ṣí fáìlì náà wò ní báìtì, a máa rí ìyókù: `listening tun0` ni odindi rẹ̀, gbólóhùn tí Mirai máa ń tẹ̀ jáde nígbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun kan wà nínú kóòdù náà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe báìtì kan bí kò ṣe mẹ́rin, `0xdeadbeef`, èyí tó jọ pé ó lágbára gan-an, torí kọ́kọ́rọ́ báìtì mẹ́rin lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó lé ní bílíọ̀nù 4. Ṣùgbọ́n kóòdù náà ń fi báìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe XOR lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. XOR mẹ́rin tó tẹ̀ léra lórí lẹ́tà kan kò yàtọ̀ sí XOR kan ṣoṣo: `de`, `ad`, `be` àti `ef` para pọ̀, wọ́n di `22`. Yálà ẹni tó gbé kóòdù náà fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò `0xdeadbeef` tàbí kò ṣe bẹ́ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tó máa jáde kò lè ju ọ̀kan lọ nínú 256. YARA lè dán gbogbo 256 wò láìsí wàhálà. Láti ìgbà ẹ̀dà 3.8 ló ti ní ọ̀rọ̀ àṣẹ `xor` fún irú iṣẹ́ yìí. A máa kọ gbólóhùn náà bó ṣe rí gan-an, YARA fúnra rẹ̀ á wá a lábẹ́ gbogbo kọ́kọ́rọ́.

Ó ku kí a yan ọ̀rọ̀. Orúkọ `MIRAI` fúnra rẹ̀ wà nínú fáìlì àkọ́kọ́, ìlà tó wà níbẹ̀ ni `/bin/busybox MIRAI`. Ó ń wu èèyàn láti mú un, àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó jí kóòdù náà ń yí padà nìyẹn. Ọ̀kan kọ `SATORI`, òmíràn kọ `MASUTA`, òmíràn kọ `OWARI`. Ó ṣeé fi mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò ṣeé fi mọ ìdílé. Orúkọ sáfà tó ń pàṣẹ fún wọn rí bẹ́ẹ̀ náà, òní ní tirẹ̀, ọ̀la ní tirẹ̀.

Àwọn páásìwọ́ọ̀dù sàn ju ìyẹn lọ. Mirai gbé àkójọ orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù tó lé ní 60 dání, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà àti ráúńtà fi sínú ẹ̀rọ wọn láti ilé iṣẹ́. `root` àti `admin` wà níbẹ̀, wọn kò sì wúlò fún wa, torí pé kò sí ibi tí wọn kò sí. `juantech` àti `xmhdipc` ṣọ̀wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ gígùn ọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó lé ní 200 máa ń bọ́ sínú fáìlì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kò sì ní ìtumọ̀ kankan. Mi ò kì í lo èyí tí kò tó lẹ́tà méje pẹ̀lú `xor`.

Àwọn méjì tó gba àkíyèsí jù ni `LOLNOGTFO` àti `HTTPFLOOD`. Kí ni wọ́n ń wá nínú Mirai? Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ Mirai rárá. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá rẹ̀ ni wọ́n, ìyẹn ìdílé Qbot, tí àwọn kan ń pè ní Gafgyt, tó ń bá a du ráúńtà kan náà. Mirai gbé wọn dání kó lè wá wọn nínú fáìlì àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ náà, kó sì pa èyíkéyìí tó bá ní wọn. Nínú Gafgyt, gbangba ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà. Nínú Mirai, a bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wàyí o, bí a bá kọ `xor` lásán, YARA máa bẹ̀rẹ̀ láti kọ́kọ́rọ́ òdo, kọ́kọ́rọ́ òdo sì ni ọ̀rọ̀ tí a kò bò rárá. Òfin wa lè mú Gafgyt, kó sì pè é ní Mirai. Ìyẹn ni pé á mú ẹni tí wọ́n ń lé, á fi orúkọ ẹni tó ń lé e pè é. Bí a bá fi `xor(0x01-0xff)` rọ́pò rẹ̀, òdo ti jáde. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá yẹn wá di ẹ̀rí fún wa, nítorí pé ẹni tó bo ọ̀rọ̀ Gafgyt mọ́lẹ̀ kì í sábà jẹ́ Gafgyt.

Òfin náà nìyí:

```
rule Mirai_ajumoni
{
  strings:
    $a1 = "listening tun0" xor(0x01-0xff)
    $a2 = "TSource Engine Query" xor(0x01-0xff)
    $b1 = "LOLNOGTFO" xor(0x01-0xff)
    $b2 = "HTTPFLOOD" xor(0x01-0xff)
    $c1 = "juantech" xor(0x01-0xff)
    $c2 = "xmhdipc" xor(0x01-0xff)
  condition:
    uint32(0) == 0x464c457f and
    filesize < 500KB and
    3 of them
}
```

`TSource Engine Query` jẹ́ gbólóhùn tí Mirai ń fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ń kọlu sáfà àwọn eré orí kọ̀ǹpútà kan. Ìlà àkọ́kọ́ nínú májẹ̀mu ń béèrè pé kí báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ jẹ́ ti ELF, irú fáìlì tí Linux ń mú ṣiṣẹ́. A kọ ọ́ bí ẹni kọ ọ́ sẹ́yìn nítorí pé YARA ń ka nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ láti báìtì tó kéré. Ìyẹn kò sọ pé òfin náà kò ní ṣiṣẹ́ fún MIPS tó ń ka tirẹ̀ láti òdìkejì, torí àmì ELF kò yí padà lórí ọpọlọ ẹ̀rọ kankan. Ìlà kejì ń yẹra fún fáìlì ńlá. Mirai kéré, torí ráúńtà tí kò ní àyè púpọ̀ ló ń wọ̀.

Ìlà kẹta ni agbára òfin náà wà. Bí a bá ní kí gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́fà wà níbẹ̀, ẹni tó bá yọ páásìwọ́ọ̀dù kan kúrò ti bọ́ lọ́wọ́ wa, bẹ́ẹ̀ páásìwọ́ọ̀dù ni wọ́n ń yí jù lẹ́yìn orúkọ. Bí a bá ní kí ọ̀kan ṣoṣo tó, ètò mìíràn tó ya páásìwọ́ọ̀dù Mirai lò á bọ́ sínú àwọ̀n. Mẹ́ta nínú mẹ́fà túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ kan nìkan kò lè dá ẹjọ́. `$c1` àti `$c2` kò tó láìsí ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà la máa dán an wò, kì í sì í ṣe lórí fáìlì tí a fi kọ ọ́, torí pé ìyẹn ò lè ṣàìmú. Ẹ fi àwọn fáìlì Mirai kan pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má wo inú wọn, àwọn lẹ máa gbé fún òfin náà. Ẹ tún gbé fáìlì ráúńtà tó mọ́ àti fáìlì Gafgyt fún un.

```
yara -r -s mirai.yar faili_idanwo/
```

`-s` ń jẹ́ ká rí ọ̀rọ̀ tó mú àti ibi tó ti rí i nínú fáìlì. Bí òfin bá mú fáìlì tó mọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó jẹ̀bi, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ fi èyí tó gùn jù ú rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá fo Mirai kan tó dájú, ẹ yí 3 sí 1, ẹ tún un ṣe, ẹ sì wo ohun tó kù nínú rẹ̀. Nígbà míì, ẹ máa rí i pé ọ̀kan tàbí méjì ló kù, ẹni tó ṣe é ti gé àkójọ ọ̀tá kúrò. Nígbà míì, òfo ni.

Òfo yẹn ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fáìlì yìí ni wọ́n fi UPX fún pọ̀ kí wọ́n tó rán an jáde. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti rún mọ́ra, `xor` kò sì lè rí ohunkóhun níbẹ̀. Àmì tí a fi ń mọ̀ ni pé `strings` á mú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ní láárí jáde, ìyókù á jẹ́ wótowòto. Bí ó bá jẹ́ UPX lásán, `upx -d` á tú u. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀daràn ti mọ èyí, wọ́n máa ń yí àmì `UPX!` inú fáìlì padà kí irinṣẹ́ náà má bàa mọ ọ́n. Ẹ lè dá àmì náà padà fúnra yín kí ẹ tó tú u. Bí ẹ̀rọ tó ní àrùn bá sì wà lọ́wọ́ yín, YARA lè ka mẹ́mọ́rì ètò tó ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá fún un ní nọ́ńbà ètò náà dípò orúkọ fáìlì. Inú mẹ́mọ́rì, ètò tí a fún pọ̀ ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀, ìlà ELF àti ti ìwọ̀n fáìlì kò wúlò mọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú májẹ̀mu. Mirai tilẹ̀ máa ń pa fáìlì tirẹ̀ rẹ́ kúrò lórí dísíìkì lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́mọ́rì nìkan ló ń gbé, ìdí nìyẹn tí títún ẹ̀rọ tàn fi ń lé e lọ títí tí wọ́n á tún fi gba páásìwọ́ọ̀dù kan náà wọlé.

Àwọn tó fi ọ̀nà ìbòmọ́lẹ̀ tó le ju XOR báìtì kan lọ rọ́pò ti Mirai náà wà. Òfin yìí kò ní mú wọn lórí dísíìkì, kò sì sí bí a ṣe lè tún `xor` rẹ̀ ṣe tó máa mú wọn. Wọ́n nílò òfin tiwọn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi òfin tí ẹ kọ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi apá `meta` kún un, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, àmì ìdánimọ̀ àwọn fáìlì tí ẹ lò, àti èyí tí ẹ mọ̀ pé kò lè mú. Ẹni tó bá gbà á lẹ́yìn ọdún méjì ò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ bóyá ìdákẹ́jẹ́ òfin náà túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ òun mọ́.